Lẹ́tà tí ayálégbé ń kọ sí lánlọ́ọ̀dù nílẹ̀ Faransé nígbà tí omi ò bá yọ mọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín o. Wọ́n ní kí n wá bá àwa tá à ń gbé ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí èèyàn máa ń kọ sí lánlọ́ọ̀dù nígbà tí omi ilé bá bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó wá tún un ṣe. Kí n ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí mò ń lọ: orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló máa wà lókè lẹ́tà yẹn, àmọ́ adájọ́ gan-an lẹ̀ ń kọ ọ́ sí. Adájọ́ tẹ́ ẹ ò tíì rí, tẹ́ ẹ sì lè má fojú kàn láéláé, tí kò mọ ilé yín, tí kò mọ̀ pé ẹ ti pe lánlọ́ọ̀dù títí ọ̀fun fi gbẹ. Ohun tó bá wà lórí bébà nìkan ló máa mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yín. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi déètì sí i, torí ẹ̀ la ò ṣe ń bú èèyàn nínú ẹ̀, torí ẹ̀ náà la ṣe ń náwó lé e ní pósítọ́fíìsì.

Àwa Yorùbá, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹnu la kọ́kọ́ máa ń lò. A ó pe lánlọ́ọ̀dù, a ó kí i, a ó béèrè ìyàwó, a ó béèrè ọmọ, ká tó wá sọ fún un pé omi ò yọ. Tí kò bá dáhùn, a ó wá àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n kó bá wa bá a sọ̀rọ̀. Kò burú rárá, ẹ pè é, torí lánlọ́ọ̀dù tó bá lójú àánú á rán púlọ́ńbà wá lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpè yẹn mọ́, torí lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù ó lè ní òun ò gbọ́ nípa omi kankan rí, pé ẹ kàn pè láti kí òun ni, kí lẹ fẹ́ fi hàn pé irọ́ ló ń pa?

Ohun tó wà nínú òfin wọn nìyí. Ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní `Code civil`, abala 1231, sọ pé tí ẹnì kan bá yẹ kó ṣe nǹkan fún ẹ tí kò sì ṣe é, o ò lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹ̀ àfi tó o bá ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún un lórí ìwé pé kó ṣe é, tó o sì fún un láàyè ọjọ́ tó mọ́gbọ́n dání. Àyàfi tó bá ti hàn gbangba pé kò lè ṣe é mọ́ ni wọ́n ń yọ ti ìkìlọ̀ yẹn kúrò. Orúkọ tí ìkìlọ̀ yẹn ń jẹ́ lédè wọn ni `mise en demeure`, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Mo ti rí lẹ́tà tó gùn tó ojú ìwé mẹ́ta, tó sunkún, tó ṣàlàyé bí ọmọ ò ṣe rí omi wẹ̀ lọ sílé ìwé, gbogbo ẹ̀ òótọ́, ó kàn án ẹni tó kà á lára gan-an, àmọ́ kò sí ibi tó ti pàṣẹ fún lánlọ́ọ̀dù pé kó ṣe nǹkan kan pàtó nígbà kan pàtó. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ń jìyà, ṣùgbọ́n aago òfin ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún lánlọ́ọ̀dù.

Kó tó di pé a gbé bírò rárá, ẹ jẹ́ ká wádìí ibi tí omi ti dá dúró, torí tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù lórí ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, ó máa fi bébà òfin kan ṣoṣo lé yín padà. Omi lè dá dúró lójú títì, lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì omi. Ó lè dá dúró nínú ilé ńlá yẹn, nínú páìpù àpapọ̀ tó ń gbé omi gòkè sí gbogbo àjà. Ó sì lè dá dúró nínú ilé tiyín gan-an. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Tí gbogbo àdúgbò ò bá ní omi, kọ́ńpìnnì ni, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì omi. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó wà lókè yín àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín, tí páìpù kan náà ń gbé omi fún, làwọn náà ò ní, páìpù àpapọ̀ ni. Tí àwọn bá ní, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò ní, inú ilé yín ló wà.

Ti páìpù àpapọ̀ yẹn, ẹ gbọ́ o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀rọ̀ da àwọn èèyàn wa lójú rú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Paris àti agbègbè ẹ̀, àwọn onílé pọ̀ nínú ilé kan, wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó ohun àpapọ̀ fún wọn. Lánlọ́ọ̀dù á wá sọ fún yín pé “ọ̀rọ̀ àwọn yẹn ni, ẹ lọ bá wọn.” Rárá o. Ẹ̀yin àti àwọn yẹn ò jọ kọ̀wé àdéhùn kankan. Lánlọ́ọ̀dù lẹ̀ ń sanwó fún, òun ló yẹ kó lọ bá wọn jà, kó sì fún yín ní omi. Lẹ́tà yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì tí orúkọ ẹ̀ wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé yàrá lọ́wọ́ ẹlòmíì tó yálé, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ nínú wa, ẹni tẹ́ ẹ gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí, kì í ṣe onílé tẹ́ ẹ ò bá ṣe àdéhùn.

Nǹkan míì tó yẹ ká mọ̀ ni èyí tó jẹ́ ti ayálégbé. Ìwé ìjọba tọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1987, nọ́ńbà ẹ̀ ni 87-712, ló ka àwọn àtúnṣe kéékèèké tó wà lọ́rùn wa. Nípa ti omi, wáṣà rọ́bà inú ẹ̀rọ omi tó ti jẹ, tó fi ń kán tó, tó, tó ní gbogbo òru, èyí tiwa ni. Páìpù tó dí torí irun àti ọ̀rá tá a dà sí i, tiwa ni. Páìpù fúnra ẹ̀ tó ti dógùn-ún nínú ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé, tàbí ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ti gbó tó kú, ti lánlọ́ọ̀dù ni, torí òfin tọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1989 tó ń darí ọ̀rọ̀ ilé yíyá sọ ọ́ pé ohun tó bàjẹ́ nítorí pé ó ti gbó, tàbí nítorí pé wọn ò kọ́ ọ dáadáa, kì í ṣe ẹrù ayálégbé.

Òfin 1989 yìí kan náà, nọ́ńbà ẹ̀ ni 89-462, abala 6, ló ní lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní ilé tó yẹ ọmọ èèyàn, kó sì máa tún un ṣe. Ó kan ilé òfìfo, ó kan ilé tí lánlọ́ọ̀dù ti kó àga àti bẹ́ẹ̀dì sí kó tó yá a fún yín, ó kan ilé ìjọba náà. Kí ló wá ń jẹ́ ilé tó yẹ ọmọ èèyàn nípa ti omi? Ìwé ìjọba tọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2002, nọ́ńbà 2002-120, ló dáhùn: omi mímu gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, kó sì máa wá pẹ̀lú agbára tó tó láti lò bí èèyàn ṣe ń lò ó, omi tútù àti gbígbóná sì gbọ́dọ̀ wà níbi ìfọwọ́ ìdáná àti nílé ìwẹ̀. Ẹ wo ibi tí mo ń fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ níbẹ̀: agbára tó tó. Kò sọ pé àfi kí omi gbẹ pátápátá. Omi tó ń kán bí omi ojú, òfin ti kà á sí ìbàjẹ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kò tó.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan ká fi tò ó. Ká ní arábìnrin wa kan ń gbé àjà kẹta ní Montreuil pẹ̀lú ọmọ méjì. Látọjọ́ 3 oṣù kẹta ni omi ti ń kán jáde ní ìdáná àti nílé ìwẹ̀, ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ń lo gáàsì ò sì tàn mọ́. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ yẹn máa mọ ìdí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: irú ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá lọ kì í tàn àfi tí omi tó ń kọjá nínú ẹ̀ bá lágbára tó, torí náà páìpù kan ṣoṣo tó dí ti gba omi tútù àti gbígbóná lọ́wọ́ ẹ̀ pọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tòkè àti tìsàlẹ̀, omi ń yọ lọ́dọ̀ wọn. Inú ilé ẹ̀ ni.

Kí ló wá yẹ kó ṣe? Kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà mẹ́wàá síbi ẹ̀rọ omi ìdáná, kó ṣí i pátá, kó tẹ aago fóònù, kó sì ya fídíò tó máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ omi àti aago hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó kún. Ìyẹn lítà kan àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tó jẹ́ pé lítà méjìlá láàárín ìṣẹ́jú kan ni àwọn tó ń to páìpù nílẹ̀ Faransé máa ń fojú sí fún ìfọwọ́ ìdáná nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò bí páìpù ṣe máa tóbi tó. Ìwé tẹ́ ẹ kọ pé “omi ò yọ dáadáa”, lánlọ́ọ̀dù lè bá yín jiyàn lórí ẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà mẹ́wàá tó gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ló fẹ́ sọ sí i? Mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe é ní àárọ̀, kí wọ́n tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́, torí wọ́n lè sọ pé gbogbo ilé ló ń lo omi lásìkò yẹn.

Arábìnrin yìí pe ẹ́jẹ́ǹtì lọ́jọ́ 5, ẹ́jẹ́ǹtì rán púlọ́ńbà wá lọ́jọ́ 12, púlọ́ńbà tú páìpù wò, ó ní irin ọjọ́ pípẹ́ ni, ìpata ti dí i nínú, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ látibi tí wọ́n ti ń ti omi pa títí dé ìdáná. Ó kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ ẹ̀ ó sì lọ. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbúròó wọn. Ìwé púlọ́ńbà yẹn, góòlù ni. Ẹ má jẹ́ kó jáde láìjẹ́ pé ẹ ya fótò ẹ̀, torí ẹni tí lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ rán wá ló sọ pé páìpù ló bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó di ọjọ́ 24, lẹ́tà yá. Ojú kan bébà tó gbogbo ẹ̀. Lókè lápá òsì, orúkọ ayálégbé àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé tó ń gbé. Nísàlẹ̀ ìyẹn lápá ọ̀tún, orúkọ lánlọ́ọ̀dù tàbí ẹ́jẹ́ǹtì àti àdírẹ́ẹ̀sì wọn bó ṣe wà nínú àgírímẹ́ǹtì gẹ́lẹ́. Ìlú àti déètì. Kó tó wá kan irú lẹ́tà tó jẹ́, ìyẹn lẹ́tà tó ní ìwé ìjẹ́rìí, àti kókó ọ̀rọ̀, ìyẹn ìkìlọ̀ lórí omi tí kò yọ:

```
Lettre recommandée avec accusé de réception

Objet : mise en demeure - défaut d'alimentation en eau

Madame, Monsieur,
```

Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ “ọ̀wọ́n” tàbí “ẹ̀yin olólùfẹ́ wa” síbẹ̀. A ò tún ní bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn pé ara ò le bí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò kí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀ ò ní ẹ̀kọ́, mo mọ̀, ó máa ń nira fún àwọn ìyá wa gan-an. Àmọ́ nínú irú lẹ́tà yìí, ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe ń fi “ẹ” bá wọn sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, ó sì wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn. Láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ gan-an là ń sọ.

Ìpínrọ̀ kìíní ń sọ ẹni tó o jẹ́: o yá ilé yìí, láti ọjọ́ báyìí, lábẹ́ àgírímẹ́ǹtì tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ báyìí. Gbólóhùn kan ti tó. Ìkejì ló gbé ọ̀rọ̀ omi:

```
Depuis le 3 mars, l'eau ne coule plus qu'en filet dans la cuisine
et la salle de bains : il faut plus de huit minutes pour remplir
un seau de dix litres. Le chauffe-eau ne s'allume plus et je suis
privée d'eau chaude.
```

Ẹ wò ó bí kò ṣe pariwo. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, kò ní wọ́n ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn ẹni tó ń kọ ọ́. Déètì kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀rọ kan tí kò tàn. (Ọkùnrin tó bá ń kọ ọ́ á kọ `privé`, obìnrin ló ń kọ `privée`.) Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa wá to ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn: ọjọ́ 5 mo pe yín, ọjọ́ 12 púlọ́ńbà yín wá, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ páìpù, látìgbà náà kò sí nǹkan kan. Adájọ́ tó bá ka ìpínrọ̀ yẹn ti mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù ò lè ní òun ò mọ̀.

Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti òfin, gbólóhùn méjì péré: pé abala 6 òfin ọdún 1989 àti ìwé ìjọba ọdún 2002 ní kí lánlọ́ọ̀dù fúnni ní omi tó lágbára tó. Ẹ má da òfin jọ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ wa gbogbo òfin tí wọ́n rí, tó fi mọ́ èyí tó ń sọ nípa kọ́ńpìnnì omi tí kò gbọ́dọ̀ gé omi ẹni tí kò sanwó, òfin ọdún 2013 nìyẹn, ó dáa ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò bá páìpù tó dógùn-ún tan. Tí òfin kan tí kò kan ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹni tó ń ka lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì lórí èyí tó kàn án.

Nígbà náà ló wá kan ọkàn lẹ́tà:

```
Par la présente, je vous mets en demeure de faire remplacer la
canalisation défectueuse dans un délai de huit jours à compter
de la première présentation de cette lettre.

À défaut, je saisirai la commission départementale de conciliation,
ou le tribunal judiciaire.
```

Iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe wà níbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ páìpù, kì í ṣe “kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i”. Iye ọjọ́ wà níbẹ̀. Òfin ò dá iye ọjọ́ kan sí i, ó kàn ní kó mọ́gbọ́n dání, ọjọ́ mẹ́jọ sì tọ́ fún ilé tí kò ní omi tó ṣeé lò tó sì ní ọmọdé nínú; tẹ́ ẹ bá ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, adájọ́ lè wò ó pé ẹ ò fẹ́ kó rí i ṣe. Ohun tí wọ́n máa rí tí wọn ò bá ṣe é náà wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tí ẹ lè ṣe ní tòótọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ halẹ̀ pé ẹ máa gbé e sórí ìkànnì, pé ẹ máa pe ọlọ́pàá.

Ẹ padà wo gbólóhùn kan níbẹ̀, `première présentation`. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ lẹ́tà tí wọ́n ń pín káàkiri máa ń sọ pé kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà látìgbà tí lánlọ́ọ̀dù bá gba lẹ́tà. Lánlọ́ọ̀dù tó bá gbọ́n á rí ìwé pélébé tí ará pósítọ́fíìsì fi sílẹ̀ nínú àpótí lẹ́tà ẹ̀, á rí i pé lẹ́tà tó nílò ìfọwọ́sí ni, kò sì ní lọ gbà á. Lẹ́tà á wà ní pósítọ́fíìsì fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì padà wá bá yín. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tó gbà á lẹ kọ, ó máa ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ò bẹ̀rẹ̀ rárá. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ará pósítọ́fíìsì kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni, déètì yẹn wà lọ́wọ́ La Poste, kò sí bó ṣe lè sá fún un. Tí lẹ́tà bá sì padà wá, ẹ má ṣí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà nínú àpòòwé ẹ̀ pẹ̀lú àmì tí pósítọ́fíìsì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e pa mọ́ fún adájọ́. Ẹ wá fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ lórí ìmeèlì lọ́jọ́ yẹn kan náà kí wọ́n má bàa ní àwọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ó wá ku gbólóhùn ìparí, tí gbogbo ará Faransé mọ̀, tí kò sì gbọ́dọ̀ yí padà torí inú ń bí yín:

```
Je vous prie d'agréer, Madame, Monsieur, l'expression de mes
salutations distinguées.
```

Ìfọwọ́sí, tí orúkọ méjì bá sì wà nínú àgírímẹ́ǹtì, ọkọ àti ìyàwó, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i. Nísàlẹ̀ pátá, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fi mọ́ ọn: fótò ìwé púlọ́ńbà, fótò bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìmeèlì tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà lẹ ń fi ránṣẹ́, ojúlówó ò gbọ́dọ̀ kúrò nílé.

Ní pósítọ́fíìsì, èyí tó ní ìwé ìjẹ́rìí ni kẹ́ ẹ béèrè, èyí tí lánlọ́ọ̀dù máa fọwọ́ sí tí ìfọwọ́sí ẹ̀ á padà wá bá yín. Ẹ pa rìsíìtì fífi ránṣẹ́ mọ́, ẹ pa ìwé tó padà wá mọ́, kẹ́ ẹ fi pín-ìn-nì so méjèèjì mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà. Wọ́n tún lè fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì lágbára bíi ti bébà, àmọ́ tí lánlọ́ọ̀dù bá jẹ́ èèyàn lásán tí kì í ṣe ilé iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti gbà pé kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí òun bẹ́ẹ̀. Ti bébà ni mo fara mọ́ fún àwọn èèyàn wa.

Ó tó àkókò kí n sọ èyí tó ń dun mí jù. Owó ilé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí, ẹnì kan máa bi mí pé, kí ló dé tí mi ò kàn ní dá owó ilé dúró, ṣebí omi ò sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú àgírímẹ́ǹtì tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Faransé ni ìpínrọ̀ kan wà tó sọ pé tí owó ilé ò bá wọlé, àdéhùn lè tú. Lánlọ́ọ̀dù á rán òṣìṣẹ́ òfin wá pẹ̀lú ìwé pé kẹ́ ẹ san án, nínú àwọn àgírímẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe nínú oṣù keje ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ní, nígbà tó jẹ́ oṣù méjì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ lórí omi ẹ máa wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má lé yín jáde. Adájọ́ nìkan ló lè ní kẹ́ ẹ dín owó kù tàbí kẹ́ ẹ dá a dúró. Àwọn ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ti gbà fún ayálégbé tó dá a dúró torí pé ilé ò ṣeé gbé rárá, ṣùgbọ́n omi tó ń kán kì í sábà tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn, ẹ má fi orí ilé yín ta tẹ́tẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípe púlọ́ńbà fúnra yín kẹ́ ẹ wá yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù lórí ìwé. Tó bá gbà lórí ìwé, ó dáa. Tí kò bá gbà, ẹ má yọ ọ́.

Tí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé tí páìpù ò tíì yí padà ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà, wọn ò sì dọ́gba. Abala 20-1 nínú òfin ọdún 1989 ní tí lánlọ́ọ̀dù bá kọ̀, tàbí tí kò dáhùn láàárín oṣù méjì, ẹ lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ ilé ní ẹkùn yín, òun ni lẹ́tà wa pè ní `commission départementale de conciliation`. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ṣojú onílé àti àwọn tó ń ṣojú ayálégbé ló jókòó níbẹ̀, àmọ́ wọn ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni. Fún páìpù tó ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ gba ọ̀nà yẹn. Fún ilé tí kò ní omi tó ṣeé lò, oṣù méjì ti pọ̀ jù, ẹ lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé nínú `tribunal judiciaire` kẹ́ ẹ sì ní kó gbọ́ ọ ní kíákíá, ìlànà kan wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní `référé`. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé tí owó tẹ́ ẹ ń béèrè ò bá ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún yúrò lọ, wọ́n máa fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbìyànjú láti bá ara yín làjà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, àyàfi tọ́rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì. Olùlàjà tí kọ́ọ̀tù yàn wà fún ìyẹn, kì í gbowó.

Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí lánlọ́ọ̀dù ṣe iṣẹ́ náà, kó sì dá ọjọ́ fún un. Ó lè dín owó ilé kù títí tí iṣẹ́ fi máa parí, ó lè dá a dúró pàápàá, ó sì lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni abala 1231 tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ń dúró dè, tí lẹ́tà yín bá sì ní déètì tó dáa, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù ti wà nínú àìṣedéédéé. Tí àtúnṣe fúnra ẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ tí kò sì parí láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, abala 1724 `Code civil` ní kí owó ilé dín kù ní ìwọ̀n àkókò àti apá ilé tí ẹ ò rí lò. Tó bá sì jẹ́ pé àtúnṣe yẹn sọ ilé di èyí tí èèyàn ò lè gbé, ẹ lè ní kí wọ́n tú àgírímẹ́ǹtì ká.

Ẹni tí kò gbọ́ Faransé tó láti kọ ọ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹkùn ló ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní ADIL, ìmọ̀ràn ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń fúnni, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará wa láti Kétu, láti Ṣakétẹ́, láti Pọ́tọ̀-Nófò tí wọ́n fi Faransé kàwé lè bá àwọn tó wá láti Ìbàdàn àti Èkó ka ohun tó wà nínú ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń lọ sí ADIL, kó mú àgírímẹ́ǹtì dání, kó mú rìsíìtì owó ilé oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwé púlọ́ńbà tó bá wà, fóònù tí fídíò bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, àti ìwé kan tó ti kọ gbogbo déètì sí, látọjọ́ tí omi ti dá dúró. Déètì yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.